Ìpolówó tí wọ́n kọ̀, akáǹtì tí wọ́n dá dúró: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Olùṣètò

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò ṣètò ìpolówó lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Wọ́n kọ ìpolówó mi, mi ò sì ṣẹ̀ wọ́n." Ẹ jẹ́ ká kó ìrírí wa jọ síbí. Ẹ sọ ohun tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ gan-an, ohun tí ẹ ṣe sí i, àti ibi tó já sí. Ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ ń bínú sí o, kì í ṣe ilé ẹjọ́ la wà.

Màá fi ti obìnrin kan bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ èèyàn ní aṣọ rírán lórí fídíò. Ìpolówó rẹ̀ mọ́ tónítóní: àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ, àti ọ̀rọ̀ pé kí èèyàn wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ, bí wọ́n ṣe ń gé e, àti bí wọ́n ṣe ń rán an. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ohun tí Google kọ sójú ẹ̀rọ ni `Destination not working`, ìyẹn pé ibi tí ìpolówó ń lọ kò ṣiṣẹ́. Ó tẹ lìǹkì ara rẹ̀ lórí fóònù, ojú ìwé náà ṣí wéré. Ó ní ẹ̀rọ wọn ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Ó yí àkọlé padà, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ àwòrán, pàbó. Nígbà tó fi máa pè mí, ó ti ṣe ẹ̀dà ìpolówó kan ṣoṣo náà káàkiri inú akáǹtì, kò sì sí èyí tó yè nínú wọn.

Mo ní kó gbé ọwọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá èyíkéyìí nínú wọn wí. Ibi tí ìpolówó ń gbé èèyàn lọ ló ń bá wí, ìyẹn ojú ìwé tó máa ṣí tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ìwé yẹn bá ṣí fún ìwọ, ìyẹn kò sọ pé ó ṣí fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ náà kì í sì í wọlé bí èèyàn ṣe ń wọlé. Kì í ti orí fóònù rẹ wá, ìlú rẹ kọ́ ló ti ń wá, orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti búráúsà rẹ.

A ní kí àwọn tó ń gbàlejò wẹ́ẹ̀bù rẹ̀ fi ìwé àkọsílẹ̀ sẹ́fà hàn wá, èyí tó ń kọ orúkọ gbogbo àlejò tó bá kan ilẹ̀kùn. Níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti wọlé, 200 ló wà níwájú rẹ̀, ìyẹn pé ilẹ̀kùn ṣí. Níbi tí AdsBot-Google, ẹ̀rọ tí Google fi ń yẹ ojú ìwé wò, ti wá, 403 ni láti òkè dé ilẹ̀. Sẹ́fà ń rí i, ó ń gbọ́ ohun tó béèrè, ó sì ń kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ló fà á? Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn oníjìbìtì ń fi róbọ́ọ̀tì kọ orúkọ èké sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú wẹ́ẹ̀bù sì tan irinṣẹ́ kan tó ń lé gbogbo róbọ́ọ̀tì. Ó lé olè, ó lé aláyẹ̀wò pẹ̀lú.

Wọ́n ṣí ọ̀nà fún AdsBot, a dúró títí a fi rí 200 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀: `Dispute decision`, fún ẹni tó ní wọ́n ṣì í dá lẹ́jọ́, àti `Made changes to comply with policy`, fún ẹni tó ti ṣe àtúnṣe. Èkejì la mú, torí pé ohun kan ti bàjẹ́ lóòótọ́, a sì ti tún un ṣe. Wọ́n gbà á. Ìpolówó àkọ́kọ́ tó kọ láìfi ọwọ́ kankan yí i ni wọ́n gbà, pẹ̀lú àkọlé àtètèkọ́ṣe rẹ̀.

Akọ̀ròyìn Ọjà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ tèmi yàtọ̀ o. Èmi máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún èèyàn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rọ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Mo kọ ti ẹnì kan tó ń ta ìwé oúnjẹ fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìlà àkọ́kọ́ ni "Ṣé ìtọ̀ ṣúgà ń dà ọ́ láàmú?" Kò tíì pé ọjọ́ kan tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Mo yí i sí "Oúnjẹ tó bá àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà mu, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń sè é." Ó wọlé. Látìgbà náà ni mi ò ti fi "ìwọ" tàbí "ọ" sínú ìpolówó mọ́. Wọn ò fẹ́ kí o bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà. Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" náà, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Àgbà Ìpolówó

Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ló tọ̀nà. Àtúnṣe tí o ṣe yẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n ìdí tí o fún un ló ṣìnà. Kò sí ẹni tó ní kí o má sọ "ìwọ". Òfin Meta, àwọn tó ni Facebook àti Instagram, lórí ohun tó jẹ́ ti ara ẹni sọ pé ìpolówó kò gbọdọ̀ fi hàn pé o mọ àìsàn tó ń ṣe òǹkàwé, tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí bí owó rẹ̀ ṣe rí. "Ṣé ìtọ̀ ṣúgà ń dà ọ́ láàmú?" ń nàka sí ẹni tó ń kà á pé òun ló ń ṣàìsàn. "Wá kọ́ bí o ṣe lè se oúnjẹ yìí" ní "o" nínú, kò sì nàka sí àìsàn ẹnikẹ́ni. Tí o bá ń sá fún "ìwọ", ìpolówó rẹ á gbẹ bí ìwé ìjọba láìnídìí.

Ní ti "ọ̀fẹ́", bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, tí ojú ìwé náà sì sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà. Ìjà ń bẹ níbi tí ìpolówó ti pe nǹkan ní ọ̀fẹ́, tí èèyàn dé ojú ìwé tó bá ibi tí wọ́n ti ń béèrè káàdì.

Onísẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n Olùṣètò, ọ̀rọ̀ yín ti 403 yẹn ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Tí wọ́n bá sọ fún àwọn èèyàn pé róbọ́ọ̀tì kò rí ọ̀nà wọlé, `robots.txt` ni wọ́n ń sáré lọ ṣí, fáìlì tó ń sọ ibi tí róbọ́ọ̀tì lè dé lórí wẹ́ẹ̀bù. Wọ́n á rí `User-agent: *` níbẹ̀, wọ́n á pariwo pé àwọ́n ti rí i. Ìràwọ̀ yẹn kò kan AdsBot. Kì í kà á sí, àfi kí wọ́n pè é lórúkọ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé fáìlì yẹn ló dí i lọ́nà, ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ nìyí:

```
User-agent: AdsBot-Google
Disallow: /
```

Èmi kì í sábà rí i. Ibi tí mo ti ń bá a jù ni fáyàwọ́ọ̀lù, tàbí irinṣẹ́ tó ń lé róbọ́ọ̀tì, tàbí ètò tó ń dí àwọn àlejò tó bá wá láti òkè òkun. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í tètè hàn sí èèyàn. Oníṣòwò á ní, "Èmi kò tajà sí ilẹ̀ òkèèrè, kí ni wọ́n ń wá síbí?" Ó dí wọn pa, ó gbàgbé pé aláyẹ̀wò lè ti ibòmíràn wá.

Ẹ lè fi orúkọ AdsBot kan ilẹ̀kùn wò fúnra yín:

```
curl -I -A "AdsBot-Google (+http://www.google.com/adsbot.html)" https://example.com/eko
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ tó bá jáde. Bó bá jẹ́ 403 tàbí 503, ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbára lé e pátápátá. Orúkọ nìkan lẹ gbé wọ̀, ibi tí ẹ ti ń wá kò yí padà. Fáyàwọ́ọ̀lù tó gbọ́n lè lé yín pé ẹ ń parọ́ orúkọ, kó sì gba AdsBot gidi wọlé. Èyí tó ń dí ilẹ̀ òkèèrè náà lè gbà yín wọlé, kó sì lé ti gidi. Ìwé àkọsílẹ̀ sẹ́fà tí Olùṣètò sọ ni ẹlẹ́rìí tí kì í ṣojúsàájú.

Ìyá Oníbàtà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, èmi ò mọ gbogbo róbọ́ọ̀tì yìí. Ìpolówó bàtà mi ń lọ dáadáa, wọn ò kọ ọ̀kankan rí. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ti dúró. Mo ti yọ gbogbo àwòrán tó ń fi ẹsẹ̀ obìnrin hàn kúrò, torí ọmọ mi ní àwòrán ara ló fà á. Síbẹ̀ kò lọ. Èwo nínú òfin yín ni mo rú?

Olùṣètò

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi wo ibi ìsanwó, kì í ṣe ibi ìpolówó. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Ìyá Oníbàtà

Wọ́n ní káàdì kò gbà, owó kan sì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì san. Àmọ́ owó wà nínú báńkì mi!

Olùṣètò

Ohun tó ṣe yín nìyẹn, màmá. Ẹ ò rú òfin kankan, ẹ dá àwòrán yín padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á jẹ́ kí ìpolówó ṣáájú, tí owó rẹ̀ bá dé iye kan, tàbí tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọ́n á fa owó náà lára káàdì. Bí káàdì bá kọ̀, ìpolówó á dúró títí ẹ óò fi san gbèsè. Owó lè wà ní báńkì kí káàdì sì kọ̀: ó lè ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, báńkì lè má ṣí i fún ìsanwó sí òkèèrè, ó sì lè kọjá iye tí báńkì gbà kí ó ná lóṣù. Ẹ pe báńkì kọ́kọ́. Tí wọ́n bá ti ṣí i, ẹ san gbèsè náà fúnra yín láti ibi ìsanwó, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á tún gbìyànjú. Kí ẹ sì fi káàdì kejì sílẹ̀ síbẹ̀, kó jẹ́ orúkọ yín ló wà lára òun náà.

Kí ẹ má sì pe ẹjọ́ kankan. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìpolówó kọ́ ló ń bójú tó gbèsè.

Aláwọ̀ Dídán

Èmi ni kí ẹ wá gbọ́ tèmi. Ìpara ojú ni mo ń tà. Mo polówó, wọ́n kọ̀ ọ́. Mo tún un gbé sókè, wọ́n kọ̀ ọ́. Mo ń gbé e sókè lójoojúmọ́ torí ẹnì kan ní ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, bó bá pẹ́ ó máa gbà á. Wọ́n wá dá akáǹtì dúró. Ẹ̀gbọ́n mi yá mi orúkọ rẹ̀, a ṣí akáǹtì tuntun, ó lọ fún ìgbà díẹ̀, òun náà dúró. Èyí tí a fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣí kò tilẹ̀ polówó kankan kó tó kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni `Circumventing systems`. Ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń tajà ló lọ fẹjọ́ mi sùn.

Àgbà Ìpolówó

Kò sí ẹni tó fẹjọ́ rẹ sùn, ọ̀rẹ́ mi. Sọ fún mi: káàdì wo lẹ fi sanwó ní akáǹtì kejì? Wẹ́ẹ̀bù wo ni ìpolówó ń gbé èèyàn lọ? Orí kọ̀ǹpútà wo lẹ ti ṣí i?

Aláwọ̀ Dídán

Káàdì mi náà ni. Wẹ́ẹ̀bù mi náà ni. Kọ̀ǹpútà mi náà ni. Mo kàn yí orúkọ padà ni.

Àgbà Ìpolówó

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́ ju ìpolówó tí wọ́n kọ̀ lọ.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ọ, o sì ń pè wọ́n ní ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ wà lára ìpolówó àti ojú ìwé rẹ. Mi ò tíì rí i, àmọ́ mo ti ń rí ti ìpara ojú fún ìgbà pípẹ́, mo lè méfò: àwòrán ojú tó kún fún àpá lápá òsì, ojú tó ń dán lápá ọ̀tún, àti ọ̀rọ̀ pé àpá á pòórá láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Aláwọ̀ Dídán

Ọjọ́ 3.

Àgbà Ìpolówó

Mo mọ̀. Ìlérí tí kò sí ẹni tó lè dúró tì í nìyẹn, àwòrán méjì yẹn náà sì ń sọ fún ẹni tó ní àpá pé ojú rẹ̀ kò dára. Bí èyí bá wà nínú ìpolówó, wọ́n á kọ ìpolówó. Bó bá wà lójú ìwé, wọ́n á kọ gbogbo ìpolówó tó bá ń lọ síbẹ̀, kódà bí ọ̀rọ̀ inú ìpolówó bá mọ́ bí omi. O ń yí ìpolówó padà, ojú ìwé ń dá ọ lẹ́jọ́. Gbogbo ìgbà tí o sì tún un gbé sókè láìtún un ṣe, ńṣe lo ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sí ìwé akáǹtì náà.

Lórí Google, àwọn òfin kan wà tí wọ́n ń ka àṣìṣe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti èròjà tí wọn ò fọwọ́ sí wà lára wọn. Ìkìlọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Tí o bá tún ṣe é, akáǹtì á dúró fún ọjọ́ 3. Tí o bá tún ṣe é, ó di ọjọ́ 7. Ìkẹta, wọ́n á dá akáǹtì dúró pátápátá. Bí o bá sì lo ọjọ́ 90 láìtún ṣe é, èyí tí wọ́n ti kà á parẹ́. Àyè pọ̀ nínú ètò yẹn fún ẹni tó bá dúró kàwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ tí o ṣí akáǹtì lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ìpara. Ẹ̀sùn tuntun ni pé wọ́n ní kí o dúró, o sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òfin yẹn kò ní ìkìlọ̀, kíá ni wọ́n ń dá akáǹtì dúró, wọ́n sì ń dá gbogbo èyí tó bá so mọ́ ọn dúró pẹ̀lú. Káàdì so ó mọ́ ọn, wẹ́ẹ̀bù so ó mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ kò fi mí kó tó kú. O ti kó ìdílé wọlé báyìí o, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fẹ́ polówó ọjà tirẹ̀ lọ́la, òun náà máa ní àlàyé ṣe.

Akọ̀ròyìn Ọjà

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ pé ohun tó ń fa ìdádúró akáǹtì tuntun ni owó ńlá. Pé kí èèyàn fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀, kó máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí akáǹtì "gbóná" kó tó ná owó gidi.

Àgbà Ìpolówó

Mo ti ka òfin wọn síwá sẹ́yìn, mi ò rí i níbì kankan.

Olùṣètò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀ níbẹ̀. Kò sí nínú òfin lóòótọ́. Àmọ́ mo ti rí akáǹtì tuntun tí wọ́n fi káàdì tuntun sí, tí owó ojúmọ́ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì dá a dúró kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tó ni káàdì náà ló ń ná an. Kì í ṣe ìjìyà, wọ́n fura sí jìbìtì ni. Èmi ṣì máa ń fi kékeré bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Ìpolówó

Ìyẹn ṣeé ṣe. Àmọ́ èyí tí èmi rí, orúkọ káàdì kì í bá orúkọ akáǹtì mu. Bóyá owó ló fà á, bóyá orúkọ ni. Mi ò lè búra.

Onísẹ́fà

Ẹ̀yin méjèèjì, kí ni ẹ máa ń ṣe kí ìpolówó àkọ́kọ́ tó jáde? Mo ń bá oníbàárà kan kọ́ wẹ́ẹ̀bù lọ́wọ́, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ní kété tí a bá parí.

Olùṣètò

Orúkọ ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣòro jù láti tún ṣe lẹ́yìn. Màá gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà, tàbí ìwé ìdánimọ̀ bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń dá a ṣe. Bí orúkọ ṣe wà lórí ìwé yẹn, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe kọ ọ́ sí ibi ìsanwó. Orúkọ kan náà, pẹ̀lú àdírẹ́sì àti ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kàn sí wọn, á wà ní ìsàlẹ̀ wẹ́ẹ̀bù. Ímeèlì tí wọ́n fi ṣí akáǹtì, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ ti dóménì wẹ́ẹ̀bù náà. Google máa ń béèrè pé kí olùpolówó fi ìwé jẹ́rìí ara rẹ̀, ọjọ́ 30 ni wọ́n sì máa ń fún èèyàn láti parí rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bára mu á parí rẹ̀ ní ìjókòó kan. Ẹni tó fi orúkọ ìnagijẹ ṣí ibi ìsanwó á máa sáré kiri nígbà tí ìpolówó rẹ̀ ti dúró.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Mi ò jẹ́ kí akáǹtì ìpolówó dúró lórí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Lórí Meta, a máa ń ṣí i sábẹ́ iṣẹ́ náà, èèyàn méjì tó ṣeé fọkàn tán á ní àṣẹ ní kíkún, ìmúdájú ìgbésẹ̀ méjì á sì wà lórí fóònù àwọn méjèèjì. Ìdí ni pé wọ́n lè ká ẹnì kan lọ́wọ́ kò láìká akáǹtì lọ́wọ́ kò. Bí òun nìkan bá ló lè wọlé, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Ibi tí a ti ń mọ èyí tí wọ́n ká lọ́wọ́ kò gan-an ni `Business Support Home`: ó lè jẹ́ ẹni náà, ó lè jẹ́ akáǹtì ìpolówó, ó sì lè jẹ́ ojú ìwé iṣẹ́. Kí èèyàn wo ibẹ̀ kó tó tẹ `Request review`. Ohun kan tó tún máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn: kí o yan owó orílẹ̀-èdè àti àkókò tó tọ́ látìbẹ̀rẹ̀, torí bí o bá fẹ́ yí wọn padà lẹ́yìn, àfi kí o ṣí akáǹtì ìpolówó mìíràn.

Ìwọ tí ó ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù, iṣẹ́ tìrẹ ni kí ojú ìwé tí ìpolówó ń lọ wà láàyè pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìpolówó sókè. Mo ti rí ẹni tó gbé ìpolówó sókè nígbà tí ojú ìwé ṣì ń sọ pé "à ń bọ̀ láìpẹ́". Kí ohun tí ìpolówó sọ wà lójú ìwé náà, kí ìlànà ìdápadà owó hàn, kí lìǹkì má gba dóménì mìíràn kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Onísẹ́fà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Màá fi ọ̀kan sí i: kí plọ́gíìnì wọn má gbó. Mo rí wẹ́ẹ̀bù kan tí wọ́n ti já wọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni í mọ̀. Tí òun bá ṣí i, ọjà rẹ̀ ló ń rí. Tí àlejò bá ti ibi ìwárí wá, ó ń gbé wọn lọ síbi tẹ́tẹ́. Ẹni tó ń wo ìyẹn láti ìta á rò pé oníṣòwò ń fi ojú ìwé kan han aláyẹ̀wò, ó ń fi òmíràn han oníbàárà, ẹ̀sùn ńlá nìyẹn. Kí ẹ máa ti orí fóònù tí kò mọ wẹ́ẹ̀bù yín rí ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti ibi èsì ìwárí.

Aláwọ̀ Dídán

Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n pa àwọn ìpolówó tí wọ́n kọ̀ rẹ́, kí ìwé mi lè mọ́?

Olùṣètò

Èmi máa ń pa wọ́n rẹ́.

Àgbà Ìpolówó

Èmi kì í pa wọ́n rẹ́ kí ẹjọ́ tó parí. Ohun tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀ kò ní torí ìyẹn parẹ́, ìwọ gan-an ni kò sì ní rí ohun tí wọ́n bá ọ wí mọ́ tí o bá fẹ́ dáhùn. Àmọ́ bí ẹjọ́ bá ti parí, kí kálukú ṣe bó ṣe fẹ́.

Ìwọ, ohun àkọ́kọ́ ni kí o tún ojú ìwé ṣe. Yọ àwòrán méjì yẹn kúrò, yọ ọjọ́ 3 kúrò. Kọ ohun tó wà nínú ìpara náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èròjà kan bá wà níbẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ ti parí, ìpara yẹn kò ṣeé polówó, kò sì sí ọgbọ́n ìkọ̀wé tó lè gbà á. Lẹ́yìn náà, akáǹtì àkọ́kọ́ nìkan ni kí o pe ẹjọ́ lé lórí. Má fọwọ́ kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ àti ti ìyàwó rẹ̀. Kọ ẹjọ́ náà síbí ká rí i kí o tó fi ránṣẹ́.

Aláwọ̀ Dídán

Mo ti kọ ọ́:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Èmi nìkan ni mò ń bọ́ ìdílé mi. Àwọn tí a jọ ń tajà ló ń dọdẹ mi. Mo ti yọ àwòrán àti ìlérí ọjọ́ 3 kúrò lójú ìwé mi. Akáǹtì méjì mìíràn wà tí mo fi orúkọ ẹbí ṣí lẹ́yìn tí ẹ dá èyí dúró, mi ò lò wọ́n mọ́, mi ò sì ní ṣí òmíràn. Ẹ dákun, ẹ ṣí i fún mi."

Àgbà Ìpolówó

Ó sàn ju bí mo ṣe rò lọ. Yọ ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrò, ẹni tó máa kà á kò lè fi ìkankan nínú wọn ṣe ìpinnu. Ti akáǹtì méjì yẹn, jẹ́ kó wà níbẹ̀, wọ́n kúkú ti mọ̀. Fi àdírẹ́sì ojú ìwé tí o tún ṣe síbẹ̀, èyí tó ń mú èèyàn dé ọ̀dọ̀ ìpara náà gan-an, kì í ṣe iwájú wẹ́ẹ̀bù. So ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́ ọn bí àyè bá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan ni kí o fi ránṣẹ́. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọ́n á ṣí i, àwọn mìíràn gbà á padà, àwọn mìíràn kò gbà á.

Ìyá Oníbàtà

Ẹ̀yin ọmọ mi, báńkì ti ṣí káàdì. Mo ti san gbèsè, bàtà ti padà sójú ọjà. Àwòrán ẹsẹ̀ náà ti padà síbẹ̀.

Aláwọ̀ Dídán

Mo ti fi ránṣẹ́. Mò ń dúró.